Iná Aláwọ̀ Aró Tí Mo Fi Jẹ́rìí Ọtí

Ojú mi méjèèjì yìí ni mo fi rí i. Ẹnikẹ́ni kò sọ ọ́ fún mi. N kò gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn tó ń mu tíì lẹ́nu ọ̀nà ní àdúgbò Kalley, tí wọ́n máa ń ròyìn ohun tí wọn kò bá níbẹ̀. Mo wà níbẹ̀ nígbà tí wọ́n ṣí kẹ́ẹ̀gì ọtí náà. Èmi ni mo ṣáná sí i. Èmi ni mo ní ó dáa. Ẹni tó bá fẹ́ jiyàn, kó wá bá mi ní ọjà pákó Katako nílùú Niamey. Bí mo ṣe ń kọ ọ́ yìí náà ni màá ṣe sọ ọ́ fún un, n kò ní yí i padà torí pé ó dójú tì mí.

N kò kàwé púpọ̀. Ìwé mẹ́rin ni mo kà kí bàbá mi tó fà mí lé káfíńtà lọ́wọ́ ní Ògbómọ̀ṣọ́. Ṣùgbọ́n ẹ bèèrè mi ní Katako. Ẹ bèèrè lọ́wọ́ Hausa, ẹ bèèrè lọ́wọ́ Zarma, ẹ ní káfíńtà Yorùbá tó ń ṣe ilẹ̀kùn tí kì í há bí òjò bá rọ̀. Èmi ni. Ó ti lé lógún ọdún tí mo ti ń la pákó nílùú Niamey, kò sì sí ẹni tó dá iṣẹ́ padà fún mi rí.

Àbúrò mi, ọmọ ìyá mi, ló ń kun ohun tí mo bá kàn. Mo lè yangàn nípa ara mi, ṣùgbọ́n iṣẹ́ tirẹ̀ ju tèmi lọ, mo mọ̀ bẹ́ẹ̀, n kò kàn sọ ọ́ fún un rí ni. Á rẹ oje líle tó ń ti ilẹ̀ òkèèrè wá sínú sìpírítì títí á fi yọ́, á ki òwú sínú àkísà, á wá máa fi ra ara pákó yípo yípo, lọ́jọ́ kìn-ín-ní, lọ́jọ́ kejì, lọ́jọ́ kẹta. Bí o bá rẹ́rìn-ín sí àpótí tó kùn, wàá rí eyín ara rẹ nínú ẹ̀. Á tẹ orí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, á wo ibi tí ìmọ́lẹ̀ gbà, á sì rí àbàwọ́n tí ojú elòmíràn kò lè rí. Òun náà ló ń ka lẹ́tà fún mi.

Onígbàgbọ́ ni wá. Àdúgbò tí a ń gbé, Mùsùlùmí ló kún ibẹ̀, onílé wa gan-an, áfà ni, ará Ìlọrin. Ọjọ́ tó fún wa ní kọ́kọ́rọ́, ohun kan ṣoṣo ló bèèrè: ọtí kò gbọdọ̀ wọ ilé òun. A gbà. Nítorí náà, bí a bá fẹ́ mu, àdúgbò Bobiel la ń lọ, lọ́sàn-án ọjọ́ Ìsinmi, lẹ́yìn tí a bá ti ṣọ́ọ̀ṣì dé. Ìyá kan wà níbẹ̀ tó ń ta sódábì, èyí tí àwa ń pè ní ògógóró, nínú àgbàlá rẹ̀ lẹ́yìn ilẹ̀kùn páànù. Kò sí àmì, kò sí àga tó dáa, bẹ́ǹṣì méjì tí èmi fúnra mi kàn fún un ló wà níbẹ̀.

Ọtí ìyá yẹn kò ṣe ẹnikẹ́ni ní nǹkan kan ní gbogbo ọdún tí a fi mu ún. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin ló ń sè é ní orílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀. Inú ìgò ló máa ń wà, wọ́n á fi abẹ́là dí ẹnu ìgò náà, wọ́n á tẹ òrùka ẹ̀gbọ́n rẹ̀ mọ́ abẹ́là náà nígbà tó ṣì rọ̀. Bí àmì òrùka yẹn kò bá sí lẹ́nu ìgò, ìyá kì í gbà á lọ́wọ́ ọlọ́kọ̀. Nígbà tí wọ́n wá ti ẹnubodè, ìgò kò wá mọ́. Ìyá ta èyí tó kù títí ó fi tán, ó sì jókòó lásán fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan.

Kí n tó máa lọ, ẹ jẹ́ kí n sọ ìdí tí wọ́n fi ń fi èmi ṣe ẹlẹ́rìí ọtí. Nígbà tí mo wà ní ọ̀dọ́, mo gbé lọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n ìyá mi létí omi ní ìhà Òkìtìpupa. Ògógóró ló ń sè. Mo rí bí ẹmu ṣe ń kan nínú dúrọ́ọ̀mù, bí iná ṣe ń gbé e sókè, bí páìpù ṣe ń gba inú ọpọ́n omi tútù kọjá, tí ọtí á wá máa kán tó, tó, tó sínú ìgò. Ife àkọ́kọ́ tó bá jáde, ilẹ̀ ló ń dà á sí. Ó ní èyí tó bá sáré jáde ṣáájú kì í ṣe ti ènìyàn. Ó sì kọ́ mi bí a ṣe ń dán an wò: mi ìgò, kó o wo bí ìfófó rẹ̀ ṣe pẹ́ tó, fi ra àtẹ́lẹwọ́, kó o wo bí ó ṣe yá gbẹ, da díẹ̀ sínú ṣíbí, ṣáná sí i. Bí iná rẹ̀ bá jó bí àwọ̀ aró, tí kò rú èéfín, ọtí gidi ni.

Ohun tí mo mú wá sí Niamey nìyí, mo sì gbé e kiri bí ẹni tó gba ìwé ẹ̀rí. Bí ẹnikẹ́ni bá ra ọtí, wọ́n á ní, ‘Ẹ pe ọ̀gá káfíńtà wá.’ Ó dùn mọ́ mi. Ẹni tí kò mọ̀wé, tí àwọn tó mọ̀wé ń dúró dè kó tó mu, ṣé kò ní dùn mọ́ ọn?

Ọjọ́ Ìsinmi kan nínú ọ̀yẹ́, tí eruku bo gbogbo ìlú bí ẹni fi aṣọ bò ó, ìyá ránṣẹ́ pé ọtí ti dé. Àwa mẹ́ta la lọ: èmi, àbúrò mi, àti ọ̀rẹ́ wa kan tó ń kan àga onítìmùtìmù lẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣọ́ọ̀bù wa. Kò sí ìgò nílẹ̀. Kẹ́ẹ̀gì funfun kan ni ìyá gbé jáde, irú èyí tí wọ́n fi ń pọn omi.

Ọ̀rẹ́ wa pàtẹ́wọ́. ‘Màmá, mo ti rò pé ẹ ti di áláájà!’

‘Ẹnu rẹ kò ní ṣépè fún mi,’ ìyá fèsì, ó ń rẹ́rìn-ín. ‘Ẹ pọ́n ọn lé, ó wọ́n bí ojú.’

Àbúrò mi kò rẹ́rìn-ín. Ó wo kẹ́ẹ̀gì náà yípo, bí ó ṣe máa ń wo pákó. ‘Màmá, òrùka ẹ̀gbọ́n yín ńkọ́?’

‘Òrùka wo ni wọ́n fẹ́ tẹ̀ mọ́ kẹ́ẹ̀gì?’

‘Ẹnubodè ṣì wà ní títì. Níbo ló gbà wọlé? Ta ló sè é?’

Ìyá yí ojú sí mi. ‘Ọ̀gá káfíńtà, ẹ gbọ́ ohun tí àbúrò yín ń bi mí? Ṣé ọtí ló ń rà ni àbí ìyàwó?’

A bú sẹ́rìn-ín. Èmi ni ẹ̀rín tèmi pariwo jù. Mo ní, ‘Ìwọ akọ̀wé, má bèèrè ibi tó ti wá. Iná ni kó o bi.’ Mo gba ṣíbí lọ́wọ́ ìyá, mo bu ọtí sí i, mo fi ara bo ṣíbí náà kí atẹ́gùn má pa á, mo ṣáná. Ó jó. Àwọ̀ aró ni, ó mọ́ tónítóní, kò rú èéfín kankan. Mo gbé ṣíbí náà sókè bí ẹni gbé ife ẹ̀yẹ.

‘Ẹ̀rí rèé! Ẹni tó bá rí àléébù níbẹ̀ kó sọ ọ́.’

Mo tọ́ ọ wò ní ẹnu ahọ́n. Ó dùn, ó ta, ó gbóná lọ sí àyà. Kò ní òórùn mìíràn yàtọ̀ sí òórùn ọtí. Àbúrò mi ṣì ń wo kẹ́ẹ̀gì.

‘Bọ̀ọ̀dá, ṣé ó dá yín lójú?’

‘Àbí o fẹ́ kọ́ mi ní iṣẹ́ tí mo kọ́ kí wọ́n tó bí ẹ?’

Kí wọ́n tó bí i, irọ́ ni. Ọdún mẹ́fà péré ni mo fi jù ú lọ. Ṣùgbọ́n ó mú ife. Kò tún jiyàn. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe tọ́ wa nílé.

Èmi kò jókòó mu. Ẹnì kan ń retí bẹ́ẹ̀dì rẹ̀ ní Kalley lọ́sàn-án ọjọ́ náà, mo sì ti ṣèlérí. Ìdí tí mo fi wà láàyè nìyẹn. Kì í ṣe ọgbọ́n, bẹ́ẹ̀dì ni. Mo fi àwọn méjèèjì sílẹ̀ lórí bẹ́ǹṣì tí mo kàn, mo sì lọ.

Nígbà tí mo padà dé, wọ́n ti wà nílé, ara wọn dá ṣáṣá. Àbúrò mi jẹun, ó bá ìyàwó rẹ̀ ṣeré, ó sùn. Ìdí tí mo fi ń sọ èyí ni pé àwọn ènìyàn rò pé májèlé máa ń mú ènìyàn lójú ẹsẹ̀. Èyí kò mú un lójú ẹsẹ̀. Ó dúró.

Láàárọ̀ ọjọ́ Ajé, ó ní orí ń fọ́ òun, inú ń run òun. Ó bì lẹ́ẹ̀mejì. Mo fi í ṣe yẹ̀yẹ́, mo ní ọtí gidi ló ṣe é bẹ́ẹ̀, ara rẹ̀ ló gbàgbé. Mo ní kó mu omi ọsàn kíkan, kó tẹ̀lé mi lọ sí ṣọ́ọ̀bù. Ó tẹ̀lé mi. Àpótí kan wà tó gbọ́dọ̀ parí. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í ra á, mo sì rí i tó dúró, tó nu ojú, tó tún dúró.

‘Bọ̀ọ̀dá, eruku yìí pọ̀ lónìí.’

Mo ní, ‘Ọ̀yẹ́ nìyẹn. Ṣé ìwọ nìkan ni kò mọ ọ̀yẹ́ ni?’

‘Bí ẹni pé òwú wà níwájú mi. Ó funfun.’

Ẹ wò ó, gbogbo ìlú ló funfun lọ́jọ́ yẹn. Afárá kò hàn, gogoro mọ́ṣáláṣí kò hàn. Gbogbo wa la ń nu ojú. Bí ó bá jẹ́ àsìkò òjò ni, ó ṣeé ṣe kí n fura. Mo ní kó lọ dùbúlẹ̀ lórí òkìtì lẹ́búlẹ́bú pákó lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù. Mo ń la pákó lọ.

Nígbà tí mo lọ wò ó ní ìrọ̀lẹ́, kí oòrùn tó wọ̀, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ bí ẹni tó sáré láti Bobiel dé ibẹ̀, bẹ́ẹ̀ ó dùbúlẹ̀ ni. Ojú rẹ̀ là sílẹ̀. Mo dúró níwájú rẹ̀ gan-an.

Ó ní, ‘Ta nìyẹn?’

Áfà onílé wa ló fi mọ́tò rẹ̀ gbé wa lọ sí ilé ìwòsàn. Ìyàwó àbúrò mi wà lẹ́yìn, ó gbé orí ọkọ rẹ̀ lé itan. Dókítà tó bá wa pàdé, obìnrin ni, Zarma ni, ó sì fi Hausa bá mi sọ̀rọ̀ nígbà tó rí i pé Faransé mi kò dé ibì kankan. Ohun àkọ́kọ́ tó bèèrè ni pé, ‘Kí ló mu?’

Áfà dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, tẹ̀sùbáà wà lọ́wọ́ rẹ̀. Mo ní, ‘Kò mu nǹkan kan. Ẹran ló jẹ, ẹran náà kò dáa.’

Ó tún bèèrè. Mo tún sọ ọ́. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fi omi sí i lára fún ẹran tí kò jẹ. Wákàtí kan kọjá, ó lé díẹ̀. Mo jókòó sórí síméńtì, mo ń dá ara mi lójú pé ibà ni. Ìyàwó àbúrò mi ló dìde. Kò wo ojú mi. Ó lọ bá dókítà, ó kúnlẹ̀, ó ní, ‘Ẹ má bínú, ọtí ni. Inú kẹ́ẹ̀gì ló ti wá. Bọ̀ọ̀dá mọ̀.’

Dókítà pariwo orúkọ oògùn kan sínú ọ̀dẹ̀dẹ̀, gbogbo wọn bẹ̀rẹ̀ sí í sáré. Ó yíjú sí mi, kò bú mi. Ì bá sàn kó bú mi. Ó ní, ‘Àwọn tó mu ún pẹ̀lú rẹ̀ dà? Kí wọ́n wá báyìí, kódà bí nǹkan kan kò bá ṣe wọ́n.’

Áfà bi mí jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́ pé, ‘Ṣé nítorí tèmi lẹ ṣe pa á mọ́?’

Ó fún mi ní kọ́kọ́rọ́ mọ́tò rẹ̀, ó ní kí n lọ gbé ọ̀rẹ́ wa wá.

Mo bá a lórí ẹní ní yàrá rẹ̀. Òun nìkan ló ń gbé. Ìyá àdúgbò kan ní ó ti ké láàárọ̀ pé orí ń fọ́ òun, gbogbo wọ́n rò pé ibà ni. Ara rẹ̀ ti tutù. Òun ló mu jù.

Dókítà ṣàlàyé ọ̀rọ̀ náà fún mi lọ́jọ́ kejì. Mo ní kó sọ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì. Ó ní ọtí méjì ló wà tó jọra. Ọ̀kan ni èyí tí ènìyàn ń mu. Ìkejì ń jẹ́ mẹ́tánọ́ọ̀lù, ti ilé iṣẹ́ ni, wọ́n fi ń yọ́ ọ̀dà, wọ́n fi ń dáná. Àwọ̀ kan náà, òórùn tó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ọ̀kan náà. Bí ó bá wọ inú, ara fúnra rẹ̀ ni yóò máa sọ ọ́ di ásíìdì díẹ̀díẹ̀, ásíìdì yẹn ló ń jẹ iṣan ojú, tó sì ń mú kí ènìyàn máa mí bí ẹni tó sáré. Ìdí tó fi ń pẹ́ nìyẹn, ìdájì ọjọ́ tàbí odidi ọjọ́ kan, nígbà mìíràn ó tún ń ju bẹ́ẹ̀ lọ. Oògùn wà tó lè dá ara dúró kó má ṣe é, ẹ̀rọ sì wà tó ń fọ ẹ̀jẹ̀, ṣùgbọ́n ohun tó bá ti bàjẹ́ kí wọ́n tó dé ti bàjẹ́.

Mo ní, ‘Dókítà, mo mọ bí wọ́n ṣe ń sè é. Ṣé wọn kò da ti àkọ́kọ́ nù ni?’

Ó ní, ‘Díẹ̀ lè wà nínú ọtí tí wọ́n sè nílé, pàápàá èyí tí wọ́n fi èso sè, nítorí kò sí ẹni tó ń wọ̀n ọ́n. Dídà tí wọ́n ń da ti àkọ́kọ́ nù, ó lè dín in kù, kò lè mú gbogbo rẹ̀ kúrò. Ṣùgbọ́n èyí tó wà lára àbúrò rẹ kì í ṣe díẹ̀. Ènìyàn ló dà á sí i.’

‘Iná rẹ̀ jó bí àwọ̀ aró.’

‘Àwọn méjèèjì ló ń jó bẹ́ẹ̀. Kò sí ìdánwò kankan tó o lè fi ṣíbí ṣe. Yàrá àyẹ̀wò nìkan ló lè sọ.’

Mo kúrò níbẹ̀, mo lọ sí Bobiel. Ìyá ti gbọ́. Ilẹ̀ ló jókòó sí, kò wé gèlè. Ó ní ọkùnrin kan ló gbé kẹ́ẹ̀gì náà wá, ọkùnrin náà ní ọtí ẹ̀gbọ́n ìyá ni, pé òun gba ọ̀nà mìíràn wọlé. Torí pé kẹ́ẹ̀gì náà kò kún, ó ní kí ìyá jẹ́ kí òun bá a bù kún un pẹ̀lú ọtí líle láti dúrọ́ọ̀mù kan ní Katako. Ìyá gbà. ‘Wọ́n ní ọtí ni,’ ó ń sọ ọ́ léraléra, ‘wọ́n ní ọtí ni. Èmi náà gbé ṣíbí fún yín kí ẹ dán an wò. Ẹ ní ó dáa.’

Mo mọ dúrọ́ọ̀mù yẹn. Láti ibẹ̀ la ti ń ra sìpírítì tí àbúrò mi fi ń yọ́ oje.

Mo bu èyí tó kù nídìí kẹ́ẹ̀gì, mo gbé e lọ sí ṣọ́ọ̀bù. Mo da díẹ̀ sínú àwo kan, mo da sìpírítì ìkunpákó tiwa sínú àwo kejì. Mo ṣáná sí méjèèjì. Nínú ìmọ́lẹ̀ ọ̀sán yẹn, wọn kò fẹ́rẹ̀ẹ́ hàn, mo ní láti fi ara ṣíji bò wọ́n. Àwọ̀ aró. Àwọ̀ aró. Mo dúró tì wọ́n títí àwọn méjèèjì fi kú. Gbogbo ìmọ̀ tí mo gbé láti etí omi wá kò ju bí ọtí ṣe le tó lọ. Kò sọ irú ọtí tó jẹ́ fún mi rí. Ọgbọ̀n ọdún ni mo fi ń bi ohun tí kò lè dáhùn. Àbúrò mi ló béèrè ohun tó yẹ: ta ló sè é, níbo ló gbà wá, àmì ẹnu rẹ̀ dà. Mo sì fi í rẹ́rìn-ín.

Wọ́n ń bi mí nísinsìnyí ní Katako bóyá ènìyàn lè mu ògógóró mọ́. Mo ń sọ fún wọn pé kí wọ́n ra èyí tí wọ́n dí ní ilé iṣẹ́ tí ìjọba mọ̀, tí ìwé ara ìgò rẹ̀ sọ ẹni tó ṣe é àti ibi tó ti ṣe é, tí ìdérí rẹ̀ kò tíì já rí, kí wọ́n sì rà á ní ṣọ́ọ̀bù tó ní ìwé àṣẹ. Kẹ́ẹ̀gì, má rà á. Ọ̀rá, má rà á. Ìgò tí wọ́n ti lò tẹ́lẹ̀ tí wọ́n tún rọ nǹkan sí, má rà á. Èyí tó bá dédé pọ̀ nígbà tí gbogbo ìlú ń wá a tì, sá fún un. Bí o kò bá mọ ẹni tó sè é, má mu ún. Bí o bá mọ̀ ọ́n náà, kò tíì tó, nítorí ìwọ kò mọ ẹni tó bù kún un lójú ọ̀nà. Bí orí bá fọ́ ẹ lọ́jọ́ kejì tí ohun gbogbo sì ń funfun lójú rẹ, má sùn, má fi ọtí mìíràn wo ara rẹ nílé, gba ilé ìwòsàn lọ, gbé èyí tó kù dání, kó o sì sọ òótọ́ fún dókítà, ẹni yòówù kó dúró tì ẹ́. Wọ́n ń mi orí. Àwọn kan ń lọ sí àgbàlá ọtí mìíràn ní Bobiel.

Àbúrò mi kò kú. Ó jókòó lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù. Lóṣù tó kọjá, ó ní kí n gbé pákó kan fún òun. Ó ki òwú sínú àkísà fúnra rẹ̀, ó ra á fún ọjọ́ mẹ́ta, ó ń fi ẹ̀yìn ìka kàn án wò. Nígbà tó parí, ó ní, ‘Bọ̀ọ̀dá, báwo ló ṣe rí?’

Àbàwọ́n kún un. Ibì kan dúdú, ibì kan kò tilẹ̀ kùn. Mo ní, ‘Ó dáa.’

Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀. ‘Ohun tí ẹ sọ nípa ọtí náà nìyẹn.’

Kò tún béèrè pákó mọ́. Lẹ́tà wa láti ilé wà nínú dúrọ́ọ̀ tí mo kàn, mẹ́ta ti pọ̀ níbẹ̀ tí ẹnikẹ́ni kò tíì kà tán. Mo ń kà wọ́n lẹ́yọ lẹ́yọ, ọ̀rọ̀ ń já mọ́ mi lẹ́nu.

Ọ̀rẹ́ kan, ó kú lórí ẹní, òun nìkan. Ojú méjì, ti àbúrò mi. Ọwọ́ kan tó mọ bí pákó ṣe ń tàn. Wákàtí kan àti díẹ̀, èyí tí mo fi purọ́.